Kọsítọ́mà ní "ẹ bá wa tẹ púrógíráàmù ìsìnkú Bàbá, èló ni?" Ìbéèrè wo ló yẹ kó ṣáájú?

Àdùkẹ́_Dìsáìn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi. Ẹnì kan kọ èyí sí mi lórí Wáàsáàpù láàárọ̀ yìí, bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí:

«Ẹ káàárọ̀ mà. A fẹ́ tẹ púrógíráàmù ìsìnkú Bàbá wa. Ẹ ṣe èyí tó fíìnì, kó má kéré kó má sì pọ̀ jù. Èló ni?»

Ó tán o. Mi ò mọ iye ẹ̀dà, mi ò mọ ọjọ́, mi ò mọ ohun tó máa wà nínú ẹ̀. Tí mo bá da ìbéèrè bò ó, ó lè kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì, tí mo bá sì já owó sílẹ̀ báyìí ó máa dìjà lẹ́yìnwá. Báwo lẹ ṣe máa ń to ìbéèrè tiyín? Kí ló ń ṣáájú, kí ló ń kẹ́yìn?

Ọmọ_Ṣómólú:
Àǹtí, ẹ má fi ìbéèrè lé ẹni tó ń bọ̀ wá náwó. Èmi ò kì í bèèrè nǹkan kan, mo máa ń ya fótò iṣẹ́ mẹ́ta tí mo ti tẹ̀ rí, kékeré, àárín, ńlá, mo máa kọ iye owó sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, màá ní kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Kíá wọ́n ti mú, kíá wọ́n ti san àsansílẹ̀. Èèyàn tó ń ṣòfò ò láyè pé ẹ ń bi í ní gíráàmù bébà.

Bàbá_Títẹ̀wé:
Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ṣómólú wúlò níbì kan, nítorí ẹni tí ò tẹ̀wé rí, ó dìgbà tó bá fojú rí i kó tó mọ ohun tó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi máa mú fótò yẹn. Wọ́n á mú èyí tó tóbi tó ń dán, tí ojú ìwé ẹ̀ tó 48, wọ́n á sì rò pé iye tó o kọ sábẹ́ ẹ̀ náà ni tiwọn, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀dà 1,000 lẹni yẹn tẹ̀ tí tiwọn sì jẹ́ 150. Owó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ò lè dọ́gba láéláé. Níbẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa pín ìbéèrè sí ọ̀nà méjì. Èyí tó bá lè yí owó tàbí ọjọ́ padà, òun ló ń lọ nínú ìwé àkọ́kọ́ tó o máa kọ sí wọn. Gbogbo èyí tó kù, irú fótò wo, àwọ̀ wo, orúkọ ta ló ṣáájú, kí gbogbo wọn dúró di ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iye tó o pè. Tó o bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó rọrùn nìkan ni wọ́n máa dáhùn, èyí tó o nílò gan-an á sọnù sáàárín.

Má sì bi wọ́n ní ohun tí wọn ò lè mọ̀. Tó o bá bèèrè pé "ojú ìwé mélòó?", níbo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ìwọ lo máa ṣírò ìyẹn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìsìn méjì ni, pé ọmọ méje ni Bàbá bí, pé gbogbo wọn ló fẹ́ kọ nǹkan. Ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn ni kó o bèèrè, kó o wá fi ọwọ́ ara ẹ sọ ọ́ di ojú ìwé.

Bí tèmi ṣe máa ń rí rèé, mú un kó o tún un ṣe bó ṣe wù ẹ́:

«Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, Ọlọ́run á dẹ́lẹ̀ fún wọn, ẹ̀yìn wọn á dára. A máa bá yín ṣe é. Kí n lè pe iye tí ò ní yí padà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dáhùn márùn-ún yìí, ẹ kàn kọ nọ́ńbà àti ìdáhùn, kò nílò àlàyé gígùn.

1. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, ìlú wo la ó sì gbé e wá?
2. Ẹ̀dà mélòó? 100, 200, 300, àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?
3. Kí ló máa wà nínú ẹ̀? (a) Ètò ìsìn àti orin nìkan. (b) Ètò ìsìn pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé Bàbá. (d) Gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdágbére àwọn ọmọ àti fótò. Tó bá jẹ́ (d), èèyàn mélòó ló máa kọ ọ̀rọ̀?
4. Ṣé gbogbo ojú ìwé ló máa ní kálà ni, àbí kọ́fà nìkan?
5. Nínú ẹbí, ta lẹni tó jẹ́ pé tó bá ti ní "ẹ máa tẹ̀ ẹ́", a lè máa tẹ̀ ẹ́ lọ?

Tí ẹ ò bá sọ nǹkan míì, A5 la máa fi ṣírò, ìyẹn ìdajì A4, áàtì pépà ló máa wà nínú, bébà tó nípọn ló máa jẹ́ kọ́fà, pínnì ló máa wà láàárín. Ẹ má tíì dààmú lórí fótò àti ọ̀rọ̀, ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí ìdáhùn yín bá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, iye owó máa wà lọ́wọ́ yín láàárọ̀ ọ̀la.»

Wo ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Bébà, ìwọ̀n, pínnì, gbogbo ohun tí wọn ò mọ̀, mi ò bi wọ́n, mo yàn fún wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo yàn. Ẹni tó bá fẹ́ A4 á sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀.

Ọmọ_Ṣómólú:
Bàbá ẹ kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọjọ́ fi ṣáájú? Ẹ̀dà ló yẹ kó ṣáájú, òun la fi ń mọ ẹ̀rọ tó máa tẹ̀ ẹ́.

Bàbá_Títẹ̀wé:
Òótọ́ ni, ẹ̀dà ló ń sọ bóyá DI, ìyẹn ẹ̀rọ dígítà, la máa lò àbí Kọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹ̀rọ onípléètì. Tó bá jẹ́ 100 tàbí 200 tó ní kálà, DI ni, kò sí pléètì níbẹ̀, owó ẹ̀dà kan ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Tó bá ti wọ 1,000, a máa gbé e sórí Kọ́ọ̀dù, pléètì mẹ́rin fún ojú bébà kọ̀ọ̀kan tó ní kálà, owó pléètì ò dín yálà o tẹ 100 tàbí 2,000, torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé bí ẹ̀dà ṣe ń pọ̀ ni tìkọ̀ọ̀kan ń dínwó.

Àmọ́ ọjọ́ lè pa ẹ̀rọ rẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ ní ọ̀tunla, o ò lè bá wọn sọ̀rọ̀ Kọ́ọ̀dù mọ́, kódà kó jẹ́ ẹ̀dà 1,000, torí pléètì á gba àkókò, yíǹkì á gba àkókò kó tó gbẹ, kíká àti gígé náà ń dúró. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ṣáájú. Kíyè sí i pé mi ò bèèrè pé "ọjọ́ wo ni ìsìnkú". Wọ́n á ní Jímọ̀, wàá fi Ọjọ́bọ̀ tẹ̀ ẹ́ tán, o ò mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìsìn orin, tó jẹ́ pé ìwé yẹn náà ni wọ́n máa kọrin látinú ẹ̀. Ọjọ́ tó máa wà lọ́wọ́ wọn ni kó o bèèrè.

Ìyá_Aránṣọ:
Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń fún wọn láyè jù! Èmi tí mo ń rán aṣọ ẹbí ní Òṣogbo, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun kí àsansílẹ̀ tó wọlé. Ẹ ní kó san ìdajì ná, ìbéèrè á wá dé. Ọ̀kan wà tó ní kí n bá òun rán sítáì tó bá ìgbà mu, mo bi í títí ó ní kí n lo ojú inú mi, ìgbà tí mo rán an tán ó ní òun ò fẹ́ ọwọ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọlọ́run ló ní owó yẹn ti wọlé.

Àdùkẹ́_Dìsáìn:
Ìyá wa, ẹ ṣeun o. Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ṣì ń bọ̀, ìdajì kí ni mo máa ní kí wọ́n san nígbà tí mi ò tíì mọ odidi? Bàbá, mo ti ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà 5 yẹn, ṣé kò ní dà bíi pé mò ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹbí wọn?

Tóyìn_Lọ́ńdọ̀nù:
Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ti jẹ́ kọsítọ́mà dá sí i. Ìgbà tí Màámi lọ, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, àbúrò wà ní Àbújá. Ẹni tó fẹ́ bá wa tẹ ìwé kọ ìbéèrè gbọọrọ sí mi ní ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, kò sí nọ́ńbà, gíráàmù bébà ló kọ́kọ́ bi mí, láminéṣọ̀n wo ni mo fẹ́, ṣé èyí tó ń dán ni àbí èyí tí kò dán. Mo wò ó títí, omi ń dà lójú mi, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹlòmíì ló padà tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìwé tẹ́ ẹ bá kọ sẹ́nì kan ò ní dúró lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Ó máa gbé e sórí gúrúùpù ẹbí ni. Torí náà ẹ kọ ọ́ kó yé ẹni tí ò bá yín sọ̀rọ̀ rí. Ẹ má kọ "bí mo ṣe sọ lórí fóònù" sínú ẹ̀. Nọ́ńbà tí Bàbá ní kẹ́ ẹ lò yẹn, òun ló máa jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n lè sọ pé "èmi ti dáhùn 1 àti 2, Fẹ́mi dáhùn 3".

Nọ́ńbà 5 sì dáa gan-an ni. Tiwa, ọmọ mẹ́rin ló ń ránṣẹ́ àtúnṣe sí ẹni kan náà, ọ̀kan ní kí wọ́n yọ fótò kan, òmíì ní kí wọ́n dá a padà, inú ń bí oníṣẹ́, inú ń bí àwa náà. Bá a bá ti fẹnu kò sórí ẹnì kan látìbẹ̀rẹ̀, kò bá má rí bẹ́ẹ̀.

Abú_Ìlọrin:
Assalamu alaikum ẹ̀yin ará. Bàbá Títẹ̀wé, mo gba ti yín, àmọ́ ìwé yẹn ti kọ "ètò ìsìn àti orin" tán kẹ́ ẹ tó mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́? Wọ́n ti sin Bàbá lọ́jọ́ tó kú tàbí lọ́jọ́ kejì, fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń tẹ̀wé fún, kò sí orin ìsìn nínú ẹ̀, àdúà ni àti ìtàn ìgbésí ayé. Àkókò ibẹ̀ kúrú, kò sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ máa máa fi lọ fi bọ̀. Kọsítọ́mà tó bá rí "orin ìsìn" níbẹ̀ lè rò pé ẹ ò mọ iṣẹ́ tòun.

Bàbá_Títẹ̀wé:
Wa alaikum salaam. Alájì, o wí ire. Màá tún un ṣe báyìí: kí nọ́ńbà 3 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ètò wo la fẹ́ lo ìwé yìí fún: ìsìn orin, ìsìn ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì, fìdáù, àbí ìrántí ọdún?" Lẹ́yìn náà (a), (b), (d) á tẹ̀ lé e, kí (a) kàn jẹ́ "ètò ọjọ́ náà nìkan". Ó wúlò fún Kìrìsìtẹ́nì náà, torí tó bá jẹ́ ìsìn méjì, orin méjì ni, ojú ìwé á pọ̀.

Ìkíni náà sì ńkọ́, ẹ má sọ "ẹ kú ìnáwó" fún ẹnikẹ́ni nínú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ ò mọ ọjọ́ orí Bàbá. Tó bá jẹ́ ọ̀fọ̀ ńkọ́? Ẹni ọdún 52 lè jẹ́ bàbá ẹni tó ń kọ̀wé sí yín. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ò lè bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ọmọ_Ṣómólú:
Mo ti rí i pé ìbéèrè pọn dandan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fótò tẹ́ ẹ ní kó dúró di ẹ̀ẹ̀kejì, kò tiẹ̀ nílò ìbéèrè rárá. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, màá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, màá sọ ọ́ di 300 píkísẹ́ẹ̀lì sí ínǹṣì kan, ó tán.

Bàbá_Títẹ̀wé:
Rárá o, ibí yìí mi ò gbà fún ẹ. Tó o bá yí nọ́ńbà 72 padà sí 300, nọ́ńbà lo yí, ojú ẹni tó wà nínú fótò ò mọ́ sí i. Fótò tí wọ́n bá kàn fi ránṣẹ́ lásán lórí Wáàsáàpù, ó máa ń fún un pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó gùn jù á wà ní nǹkan bíi 1,600 píkísẹ́ẹ̀lì. Pín 1,600 sí 300, ínǹṣì márùn-ún àti díẹ̀ ni, kò ju sẹ̀ǹtímítà 13 àbọ̀ lọ. Ó tó fún ìdajì ojú ìwé A5, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́fà A5 ga ní sẹ̀ǹtímítà 21, o tún máa fi mìlímítà 3 kún un lókè àti nísàlẹ̀ fún gígé, fótò tó máa kún un gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 2,550 píkísẹ́ẹ̀lì ní gíga. Èyí tó wá lórí Wáàsáàpù á ṣú lójú Bàbá, gbogbo èèyàn tó wá sí ìsìnkú ló sì máa rí i.

Torí náà ìbéèrè kan wà níbẹ̀: "Ṣé fótò kọ́fà wà lórí fóònù tàbí kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á, àbí bébà ni?" Tó bá wà lórí fóònù, kí wọ́n tẹ "Document" kí wọ́n tó mú un, yóò wá bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ fótò bébà àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e wá kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹ̀, kí wọ́n má fi fóònù ya fótò orí fótò.

Abú_Ìlọrin:
Èmi ò tíì gbà pé ìwé kíkọ ló dáa jù fún gbogbo èèyàn ṣá. Àwọn bàbá tó ti tó 70, ẹ pè wọ́n. Bó o bá kọ nọ́ńbà márùn-ún sí wọn, wọ́n á rí i wọ́n á sì fi sílẹ̀ títí ọmọ á fi dé láti ilé ẹ̀kọ́. Lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti rí gbogbo ẹ̀ gbà, ẹ tún ti kẹ́dùn pẹ̀lú wọn.

Tóyìn_Lọ́ńdọ̀nù:
Alájì, pípè dáa, àmọ́ lẹ́yìn pípè kí ló máa wà nílẹ̀? Tí bàbá bá ní 200 lórí fóònù, tí ọmọ wá ní 300 làwọn ń retí, ta ló jẹ̀bi?

Abú_Ìlọrin:
Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ wá fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ lẹ́yìn náà pé "ohun tá a jọ sọ rèé". Ohùn náà jẹ́ ẹ̀rí.

Tóyìn_Lọ́ńdọ̀nù:
Ta ló máa gbọ́ ohùn oníṣẹ́jú mẹ́rin torí àti wá nọ́ńbà kan? Èmi ṣì dúró lórí pé kó wà ní kíkọ.

Àdùkẹ́_Dìsáìn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi ìwé Bàbá Títẹ̀wé ránṣẹ́ sí kọsítọ́mà pẹ̀lú àtúnṣe Alájì, ó sì dáhùn kí n tó jẹun ọ̀sán. Ohun tó kọ rèé:

«Ẹ ṣeun mà, Bàbá lo ọdún 84. 1. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta sí àsìkò yìí, Àkúrẹ́. 2. 300. 3. Ìsìn orin àti ìsìn ìsìnkú, d. Gbogbo ọmọ ló máa kọ, méje, àti Màmá, àti àwọn ọmọọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì náà. 4. Kálà.»

Kò dá 5 lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé kí n tún bèèrè 5 kí n tó pe iye, báwo ni mo sì ṣe máa sọ ìdáhùn yìí di ojú ìwé?

Bàbá_Títẹ̀wé:
Ó ti ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ò dáhùn tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀.

Ìsìn orin, fi ojú ìwé 5 sí i. Ìsìn ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì, 8, torí orin ibẹ̀ máa ń gùn. Ìtàn ìgbésí ayé, 2. Ọ̀rọ̀ ìdágbére: ọmọ méje, Màmá, àwọn ọmọọmọ lápapọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn jẹ́ 10, tí kálukú bá gba ojú ìwé kan. Fótò, 4. Ìdúpẹ́ ẹbí, 1. Àpapọ̀ 30.

Ṣùgbọ́n ìwé onípínnì àárín ò lè jẹ́ 30. Bébà A4 kan tá a ká sí méjì ń fún wa ní ojú ìwé A5 mẹ́rin, torí náà nínú gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin. 32 ló kàn. Ojú ìwé 2 tó ṣẹ́ kù, fi fótò kún un. Bébà 8 ni fún ìwé kan, ní ẹ̀dà 300 ó jẹ́ 2,400, láìka kọ́fà tó jẹ́ bébà kan lọ́tọ̀, fi díẹ̀ sí i fún èyí tó máa bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ. Owó tó o máa pè ti ń yọ jáde nìyẹn.

Kíyè sí i: tí àbúrò Bàbá méjì bá yọjú lọ́la pé àwọn náà fẹ́ kọ, àyè 2 yẹn gbà wọ́n, fótò ló máa lọ, owó ò yí. Tí ẹnì kẹta bá dé, a ti wọ 36 nìyẹn, bébà 300 ti gun orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò ní mọ̀ pé ojú ìwé kan ṣoṣo lè mú owó fò bẹ́ẹ̀, torí náà kọ ọ́ sínú iye tó o máa pè: "Iye yìí wà fún ojú ìwé 32 nínú àti kọ́fà. Ojú ìwé mẹ́rin-mẹ́rin tó bá kún un, iye báyìí."

Ní ti nọ́ńbà 5, pe iye ná, kó o fi ìbéèrè yẹn sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ má bẹ̀rẹ̀ dìsáìn láìjẹ́ pé wọ́n dáhùn ẹ̀.

Ìyá_Aránṣọ:
Kó o gba ìdajì náà kó o tó bẹ̀rẹ̀ dìsáìn o!

Àdùkẹ́_Dìsáìn:
Hẹn, Ìyá wa, báyìí ló kàn lóòótọ́. Bàbá, kí ni màá kọ sínú ìwé kejì?

Bàbá_Títẹ̀wé:
Ìwé kejì, ohun tí wọ́n máa kó wá ló wà níbẹ̀, kọ ọjọ́ tó o fẹ́ kó dé sí iwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ètò ìsìn, kó wá láti ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, bi wọ́n bóyá Fíkà ti fọwọ́ sí orin tí wọ́n yàn, torí mo ti rí ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti yí orin padà nígbà tí ìwé ti wà lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ìdágbére, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má kọjá ọ̀rọ̀ 250, kó sì tẹ̀ ẹ́ síbi téèyàn ti lè dà á kọ, kó má ya fótò ìwé tó fọwọ́ kọ. Fótò, bá a ṣe sọ ọ́ lókè. Èdè náà, ṣé Yorùbá ni ìtàn ìgbésí ayé ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì, àbí méjèèjì. Tó bá jẹ́ méjèèjì, ojú ìwé 2 yẹn di 4, ó sì ti gba àyè 2 tó ṣẹ́ kù. Mo rò ó pé ìyẹn gan-an ì bá ti wà nínú ìwé àkọ́kọ́, fi í sí nọ́ńbà 3 nígbà míì.

Èyí tó kù ni orúkọ. Má bèèrè pé "ìyàwó mélòó ni Bàbá fẹ́" tàbí "ta ni àkọ́bí". Kàn kọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ gbogbo ọmọ, ọmọọmọ àti àna ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tò ó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó hàn, pẹ̀lú oyè àti àmì ohùn orí orúkọ. Bẹ́ ẹ bá ṣe tò ó la máa tẹ̀ ẹ́." Ọ̀rọ̀ inú ilé wọn, wọ́n á parí ẹ̀ nínú ilé, ìwọ ò ní gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Tóyìn_Lọ́ńdọ̀nù:
Bàbá, ẹ ṣeun fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ló fẹ́ dá ilé wa rú. Àmọ́ àmì ohùn ńkọ́, tí wọ́n bá fi orúkọ ránṣẹ́ láìsí àmì? Ó pọ̀ nínú wa tí fóònù wa ò lè kọ ọ́.

Bàbá_Títẹ̀wé:
Kí Àdùkẹ́ fi í síbẹ̀, kó tẹ orúkọ náà lórí bébà ìdánwò, kó fi ránṣẹ́ padà sí wọn ní PDF pé "ẹ wo orúkọ wọ̀nyí nìkan". Kó lo fọ́ǹtì tó gba ẹ̀ àti ọ̀ tó ní àmì lókè. Ó pọ̀ tó máa fi àpótí kékeré rọ́pò wọn tàbí kó gbé àmì kúrò lórí lẹ́tà, torí ẹ̀ ni kó ṣe tẹ ojú ìwé kan lórí bébà gan-an, kó má fi ojú kọ̀ǹpútà nìkan yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ_Ṣómólú:
Àǹtí Àdùkẹ́, 300 ẹ̀dà oníkálà, inú 32, DI ni o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti yín sórí Kọ́ọ̀dù. Pléètì fún ojú ìwé tó pọ̀ tó yẹn, owó ẹ̀ á jẹ èrè yín.

Bàbá_Títẹ̀wé:
Ibí yìí, mo wà lẹ́yìn ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ẹni tó máa ní 300 ti tó Kọ́ọ̀dù. Kí Àdùkẹ́ gba iye méjèèjì kó fi wéra.

Àdùkẹ́_Dìsáìn:
Mo ti gba ti DI, mò ń retí ti Kọ́ọ̀dù. Mo ti pe iye fún wọn pẹ̀lú ìlà ojú ìwé mẹ́rin-mẹ́rin yẹn, nọ́ńbà 5 náà wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo sì bi wọ́n nípa èdè. Ó ti kà á. Ó ní òun gbé e sórí gúrúùpù ẹbí, pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ló máa fọwọ́ sí i, kí n dúró di alẹ́ fún ti Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá torí Màmá ló máa sọ èyí tó fẹ́.